Ta Ni Ó Jí Àpò? Àmì Àyọlò àti Ìfàmìsí Ìsọ̀rọ̀ǹgbèsì nínú Ìtàn Kúkúrú Jámánì Kan láti Ajégúnlẹ̀

Ìtàn tí a fẹ́ yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí kò tíì di títẹ̀ jáde. Ojú ewé mẹ́jọ péré ni. Ẹni tí ó kọ ọ́ jẹ́ akọ̀wé ní ọ̀kan nínú àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń bá oníṣòwò gba ẹrù jáde ní èbúté Apápá. Ajégúnlẹ̀ ni ó ń gbé, ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ ni ó sì fi kọ́ èdè Jámánì. Kì í ṣe iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ ni ìwé kíkọ, ó ń kọ ọ́ fún ìgbádùn ara rẹ̀ ni. Ọ̀dọ́mọkùnrin alágbàrù kan ni ìtàn náà dá lé. Ó dé sílé ní alẹ́, ó ń ròyìn fún ìyá rẹ̀ pé àpò ìrẹsì kan ti sọnù ní èbúté, àti pé ọ̀gá àwọn alágbàrù ti sọ ẹni tí ó jí i. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìyá náà fẹsẹ̀ rìn láti Ajégúnlẹ̀ lọ sí ẹnu géètì èbúté láti lọ gbèjà ọmọ rẹ̀. Kò sí ìjà, kò sì sí ẹ̀rí kankan nínú ìtàn náà àfi ọ̀rọ̀ ẹnu: ohun tí ọ̀gá wí, ohun tí ọmọ ní ọ̀gá wí, àti ohun tí ìyá ní ọmọ òun wí.

A gbé ìtàn náà lé wa lọ́wọ́ kí á bá ẹni tí ó kọ ọ́ tún ìfàmìsí rẹ̀ ṣe. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ka irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sí iṣẹ́ akọ̀wé lásán. Ṣùgbọ́n bí ìtàn yìí ṣe wà nígbà tí ó dé ọwọ́ wa, ará Jámánì tí ó bá kà á yóò gbà pé ọ̀gá àwọn alágbàrù gan-an ni ó jẹ́wọ́ olè. Ohun tí ó fà á ni a fẹ́ wá sí ojútáyé. Gbólóhùn tí ọ̀rọ̀ náà wà nínú rẹ̀ nìyí, bí òǹkọ̀wé ti tẹ̀ ẹ́:

"Mutter, der Vorarbeiter sagte, "ich habe den Sack gestohlen,"" er sagte.

Ohun tí òǹkọ̀wé ní lọ́kàn kò farasin fún ẹni tí ó bá gbọ́ Yorùbá. Ọmọ náà ń sọ pé: ìyá mi, ọ̀gá ní mo jí àpò náà. Nínú èdè wa, ẹni tí ó ń ròyìn ni "mo" yẹn, kì í ṣe ọ̀gá. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀gá ni ó jẹ́wọ́, ohun tí ọmọ ìbá wí ni pé "ọ̀gá ní òun jí àpò náà". Iṣẹ́ ọ̀rọ̀ kékeré náà, "òun", ni láti tọ́ka padà sí ẹni tí ọ̀rọ̀ ti ẹnu rẹ̀ jáde. Nítorí pé ó wà ní àrọ́wọ́tó, bí a kò bá lò ó, a mọ̀ pé ẹlòmíràn ni à ń wí. Òótọ́ ni pé ẹni tí ó bá ń sín ohùn ọ̀gá jẹ lè sọ pé "ó ní, mo jí i", kí "mo" sì jẹ́ ọ̀gá. Ṣùgbọ́n ohùn àti ìdánudúró ni yóò fi èyí hàn. Bí kò bá sí wọn, etí Yorùbá kò ní ṣì í gbọ́.

Òǹkọ̀wé wa tú "ọ̀gá ní mo jí àpò náà" sí Jámánì lẹ́yọ-lẹ́yọ, kò sì sí ìṣòro títí dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó rí ọ̀rọ̀-ìṣe "sagte", ó rò pé ọ̀rọ̀ tí ó bá tẹ̀ lé e gbọ́dọ̀ wọ inú àmì àyọlò. Àmì yẹn ni ó da nǹkan rú. Nínú Jámánì, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí nínú Gẹ̀ẹ́sì, ohun tí ó bá wà láàárín àmì àyọlò jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹni tí a dárúkọ gan-an, láìyí i padà. "Ich" tí ó wà nínú rẹ̀ di ọ̀gá lójú ẹsẹ̀. Ọ̀nà méjì ni a lè gbà yọ ọmọ náà kúrò nínú ọ̀fìn yìí. Èkíní ni kí á jẹ́ kí ọ̀gá sọ̀rọ̀ tààrà, kí ó kọjú sí ọmọ náà, kí ó sì pè é ní "du":

„Mutter, der Vorarbeiter sagte: ‚Du hast den Sack gestohlen‘“, sagte er.

Èkejì ni kí á yọ àmì àyọlò inú kúrò pátápátá, kí ọ̀rọ̀ náà di afọ̀ agbàrán:

„Mutter, der Vorarbeiter sagte, ich hätte den Sack gestohlen“, sagte er.

Èkejì yìí ni a fara mọ́. Jámánì ní ìrísí ọ̀rọ̀-ìṣe kan tí a yà sọ́tọ̀ fún ọ̀rọ̀ tí a gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn. Ẹni tí ó bá lò ó kò sọ pé òótọ́ ni, kò sì sọ pé irọ́ ni. Ó kàn ń dá ọ̀rọ̀ padà sọ́dọ̀ ẹni tí ó ni ín ni. Fún ẹni kẹta, "er habe" ni ìrísí náà. Fún "ich", "ich habe" ni ìbá jẹ́, ṣùgbọ́n èyí bá ti ojoojúmọ́ dọ́gba, a kò lè dá wọn mọ̀. Ìdí nìyí tí a fi ń lọ sí ìrísí kejì, "ich hätte". Nípa báyìí, ọmọ náà sọ ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án láìfi ẹnu ara rẹ̀ gbà á, ohun tí ó sì fẹ́ kí ìyá rẹ̀ gbọ́ nìyẹn.

Ó yẹ kí á tọ́ka sí ohun mẹ́ta mìíràn tí a tún ṣe nínú gbólóhùn kan ṣoṣo yìí. Kọ̀ǹpútà tí a ṣètò fún Gẹ̀ẹ́sì ni òǹkọ̀wé lò, nítorí náà òkè ni gbogbo àmì rẹ̀ wà. Ní Jámánì, ìsàlẹ̀ ni àmì tí a fi ń ṣí ọ̀rọ̀ máa ń wà, ó sì dà bí ẹyọ 9 méjì. Òkè ni èyí tí a fi ń pa á dé wà, ó sì dà bí ẹyọ 6 méjì. Bí ọ̀rọ̀ bá wà nínú ọ̀rọ̀, ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni a ń lò fún ti inú. Ọ̀pọ̀ ìwé ìtàn tí a tẹ̀ ní Jámánì ń lo àmì onígun, tí ẹnu wọn kọjú sínú, báyìí: »Komm«; àwọn ará Swítsálàǹdì kọ tiwọn síta. Èyí tí ó bá wu òǹkọ̀wé ni kí ó mú, kí ó má sáà ti pa wọ́n pọ̀.

Èkejì ni kọ́mà. Inú àmì àyọlò ni òǹkọ̀wé fi í sí, gẹ́gẹ́ bí àwọn ìwé ìtàn Gẹ̀ẹ́sì ti kọ́ ọ. Ẹ̀yìn àmì ìpadé ni Jámánì ń fi í sí, torí pé kì í ṣe ara ohun tí ẹni náà wí. Ó kàn ya ọ̀rọ̀ náà sọ́tọ̀ kúrò lára gbólóhùn alábàárìn tí ó sọ ẹni tí ó sọ̀rọ̀ ni. Ẹ̀kẹta kì í ṣe ọ̀rọ̀ àmì, ṣùgbọ́n kò ṣe é fi sílẹ̀: bí gbólóhùn alábàárìn bá kẹ́yìn, ọ̀rọ̀-ìṣe ni ó gbọ́dọ̀ ṣíwájú, "sagte er", kì í ṣe "er sagte". "Sagte" méjì nínú gbólóhùn kan kò dùn létí tó, ṣùgbọ́n ti òǹkọ̀wé nìyẹn, a kò fọwọ́ kàn án.

Níbi tí gbólóhùn alábàárìn bá ti ṣíwájú, kọ́mà ni òǹkọ̀wé ń lò: Die Mutter sagte, "Setz dich." Kólọ́ọ̀nù ni Jámánì ń fẹ́: Die Mutter sagte: „Setz dich.“ A lè mọ ibi tí kọ́mà yẹn ti wá yàtọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì. Bíbélì Yorùbá àtijọ́ kò ní àmì àyọlò rárá. "Wí pé", kọ́mà, àti lẹ́tà ńlá ni ó fi ń kéde pé ẹnìkan fẹ́ sọ̀rọ̀, ojú àwọn ènìyàn wa sì ti mọ́ èyí láti ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi. Àwọn ìtẹ̀jáde àtijọ́ ti Bíbélì tí Martin Luther túmọ̀ náà kò ní àmì àyọlò; kólọ́ọ̀nù ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà níbẹ̀. Ẹni tí ó bá ti rí i pé kólọ́ọ̀nù nìkan lè gbé ọ̀rọ̀ ró bẹ́ẹ̀, kò ní kà á sí ọ̀ṣọ́ mọ́.

Ibì kan wà tí a fẹ́rẹ̀ẹ́ dá òǹkọ̀wé lẹ́bi láìtọ́. Ìyá bèèrè pé: „Hast du ihn gestohlen?“ fragte sie. Lábẹ́ òfin òde òní, kọ́mà gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn àmì ìpadé, bí àmì ìbéèrè tilẹ̀ ti wà nínú: „Hast du ihn gestohlen?“, fragte sie. Ṣùgbọ́n àtúnṣe àkọtọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí ní 1996, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ 1998, ni ó mú kọ́mà yẹn wá. Ṣáájú ìgbà náà, àmì ìbéèrè tàbí àmì ìyanu a máa gbé kọ́mà mì. Bí òǹkọ̀wé ti ṣe é ni àwọn ìwé àtijọ́ ṣe é, ó sì hàn pé inú irú wọn ni ó ti kọ́ ọ. A fi kọ́mà sí i, a sì kọ ìdí rẹ̀ sí etí ìwé, kí ó má bàa rò pé ohun tí ó kà kò tọ̀nà.

Àwọn ọ̀rọ̀ bíi Oga, Danfo àti Garri ni òǹkọ̀wé fi àmì àyọlò yíká ní gbogbo ìgbà tí ó bá lò wọ́n. Jámánì kò lòdì sí i, ṣùgbọ́n nínú ìtàn tí gbogbo ènìyàn inú rẹ̀ ń sọ̀rọ̀, ńṣe ni òǹkàwé ń dúró lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan láti wo ẹni tí ó ya ẹnu. A yọ wọ́n. Lẹ́tà ńlá tí Jámánì ń fún ọ̀rọ̀-orúkọ tó wọn.

Ojú ewé tí ó kẹ́yìn ni ó gbà wá ní àkókò jù. Ìyá náà dúró níwájú ẹ̀ṣọ́ géètì, ó ń sọ̀rọ̀ ọ̀gá fún un:

"Der Vorarbeiter lügt. Mein Sohn sagt, er hat die Säcke nicht gezählt."

Ohun tí òǹkọ̀wé fẹ́ wí ni pé: irọ́ ni ọ̀gá ń pa, ọmọ mi ní kò ka àwọn àpò náà. Kò sí "òun" níbẹ̀, nítorí náà ọ̀gá ni kò kà wọ́n, ẹ̀sùn sì ti yí padà sí orí rẹ̀. Ṣùgbọ́n Jámánì kò ní "òun". "Er" lè jẹ́ ọ̀gá, ó sì lè jẹ́ ọmọ; bí ó bá jẹ́ ọmọ, a jẹ́ pé ìyá fi ẹnu ara rẹ̀ kó bá a. Ẹnìkan nínú wa dábàá pé kí á lo ìrísí agbàrán, "er habe die Säcke nicht gezählt". Gírámà rẹ̀ tọ̀nà, ó tilẹ̀ dára ju ti òǹkọ̀wé lọ, ṣùgbọ́n "er" náà ṣì wà níbẹ̀, kò sì sọ ẹni tí ó jẹ́.

Níhìn-ín, òdìkejì ohun tí a ṣe ní ojú ewé kìíní ni a ní láti ṣe. Níbẹ̀, a yọ àmì kúrò. Níhìn-ín, a fi àmì sí i:

Die Mutter sagte: „Der Vorarbeiter lügt. Mein Sohn sagt: ‚Er hat die Säcke nicht gezählt.‘“

Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà ti di ti ọmọ gan-an, "er" kò lè jẹ́ ọmọ mọ́, nítorí pé "ich" ni ọmọ ìbá pe ara rẹ̀. Àmì àyọlò kékeré méjì náà ṣe iṣẹ́ tí àìsí "òun" ṣe nínú Yorùbá. Àmì ìdánudúró kan ṣoṣo ni ó wà ní òpin, nínú àmì ìpadé ti inú. Òǹkọ̀wé fẹ́ fi òmíràn sí ẹ̀yìn gbogbo rẹ̀, a sì sọ fún un pé kò sí àyè fún un.