Bí A Ṣe Ń Ṣírò Iṣẹ́ Ẹ̀rọ Píọ̀ Wọ́tà Láti Inú Òǹkà Rẹ̀

Ìṣirò tí wọ́n ń pè ní OEE máa ń fi hàn bí àkókò tí ẹ̀rọ fi ṣe ọjà tó dára ti pọ̀ tó, nínú gbogbo àkókò tí a yà sọ́tọ̀ fún un láti ṣiṣẹ́. Seiichi Nakajima, ọmọ ilẹ̀ Japan, ló gbé e jáde pẹ̀lú ọ̀nà ìtọ́jú ẹ̀rọ tó ń jẹ́ TPM, ìwé rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà sì jáde ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní 1988. Ohun mẹ́ta ni a máa ń sọ di púpọ̀ nínú rẹ̀: wíwà lẹ́nu iṣẹ́, ìyára, àti dídára ọjà. Ìsọdipúpọ̀ yẹn kò le rárá. Ibi tí iṣẹ́ wà ni kíka òǹkà àti ipò ẹ̀rọ bó ṣe yẹ, ẹ̀rọ píọ̀ wọ́tà tó wà káàkiri Ọ̀jọ́, Ìbà àti Òkòkòmáíkò sì dára púpọ̀ láti fi kọ́ ọ.

Ẹ̀rọ náà máa ń fa ọ̀rá láti ara róòlù, á ká a bíi páìpù, á fi iná lẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pọ̀, á da omi sí i, lẹ́yìn náà ni ẹnu irin gbígbóná á lẹ ìdí àti orí rẹ̀, á sì gé e. Nígbàkúùgbà tí ẹnu irin yìí bá pa dé, sẹ́ńsọ̀ ara rẹ̀ á fi àmì ránṣẹ́ sí PLC, ìyẹn kọ̀ǹpútà kékeré tó ń darí ẹ̀rọ, òǹkà á sì lé ẹyọ kan sí i. Jẹ́ ká mú ẹ̀rọ kan tó lè gé ẹyọ kan ní ìṣẹ́jú àáyá méjì méjì, tó sì ń ṣiṣẹ́ ní ṣíìfù wákàtí mẹ́jọ. A yọ ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kúrò fún oúnjẹ àti ìsinmi tí a ti fi sí ètò tẹ́lẹ̀. Ó ku 450 ìṣẹ́jú, àkókò yìí ni gbogbo ìṣirò dúró lé.

Wíwà lẹ́nu iṣẹ́ ló kọ́kọ́ kàn. Nínú PLC, a máa ń pín ipò ẹ̀rọ sí mélòó kan. Lórí ẹ̀rọ tó bá tẹ̀ lé ìlànà PackML, EXECUTE ni pé ó ń ṣiṣẹ́, HELD ni pé ohun kan lára òun fúnra rẹ̀ dá a dúró, bíi ọ̀rá tó já, SUSPENDED sì ni pé ìdádúró náà wá láti ìta, bíi kí omi tán nínú táǹkì. Ìyàtọ̀ HELD àti SUSPENDED kò yí iye OEE padà, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a ṣọ́ ọ dáadáa, nítorí òun ló ń sọ bóyá mẹkáníìkì ni a ó pè tàbí ẹni tó ń bójú tó ẹ̀rọ tó ń fa omi láti inú kànga. Ní ṣíìfù yìí, ìṣẹ́jú 15 lọ sí pípààrọ̀ róòlù, 20 lọ sí ọ̀rá tó já, 15 lọ sí àìsí omi, 40 sì lọ nígbà tí Nẹ́pà mú iná lọ, tí wọ́n tan jẹnẹrétọ̀, tí wọ́n sì ń dúró kí ẹnu irin tún gbóná. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 90. Ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ fún 360 ìṣẹ́jú nínú 450, ìyẹn 0.80.

Ogójì ìṣẹ́jú yẹn ló máa ń da ìṣirò rú ní àdúgbò wọ̀nyí. Bí kò bá sí iná, PLC fúnra rẹ̀ ti kú. Ẹni tó ti kú kì í ka àkókò. Bí iná bá fi lọ fún gbogbo ogójì ìṣẹ́jú náà, àkókò tí PLC ní lọ́wọ́ ní gbogbo ipò rẹ̀ yóò jẹ́ 410, wíwà lẹ́nu iṣẹ́ á sì di 360 lórí 410, ó lé ní 0.87. Ilé iṣẹ́ tí iná ń ṣe bó ṣe wù ú yóò wá dà bí ibi tí nǹkan ń lọ déédéé. Ohun tó ń tú àṣírí rẹ̀ ni pé kí a ro gbogbo àkókò ipò pọ̀, kí a fi wé aago tí kò gbára lé iná ẹ̀rọ. Iye tó bá dín, àìsí iná ni, kí a sì kọ ọ́ sí ìdádúró. Àwọn kan máa ń yọ àkókò àìsí iná kúrò nínú ètò kí iye wọn lè ga; ìyẹn kò tọ́, torí owó òṣìṣẹ́ àti owó dísù kò dúró nígbà yẹn.

Ìyára ń fẹ́ òǹkà tó ṣeé gbára lé. Òǹkà bítì 16 tí kì í ka iye òdì máa ń kà dé 65,535, á sì padà sí òdo. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ṣíìfù wa, òǹkà wà ní 60,300. Ní ìparí, ó wà ní 4,484. Bí a bá yọ èkínní kúrò nínú èkejì, ó di −55,816, èyí tí kò lè jẹ́ iye ọjà. A fi 65,536 kún un, ó sì di 9,720. Ṣùgbọ́n òǹkà tí kò ní bátìrì tó ń dì í mú náà máa ń padà sí òdo bí iná bá lọ, bí a bá sì fi 65,536 kún irú èyí, ọjà tí ẹnikẹ́ni kò rọ ni a ó kà. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí a máa ka òǹkà ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rọ yìí kò lè gé ju 30 lọ ní ìṣẹ́jú kan, nítorí náà ohunkóhun tó bá kọjá 40 jẹ́ pé òǹkà ti bẹ̀rẹ̀ láti òdo:

```
d = now - last
if d < 0: d = d + 65536
if d > 40: d = now
```

Ìwọ̀nba ẹyọ tó wà láàárín kíkà tó kẹ́yìn àti ìgbà tí iná lọ ni yóò sọnù, kò sì lè ju ti ìṣẹ́jú kan lọ.

Ní 360 ìṣẹ́jú, ó yẹ kí ẹ̀rọ gé 10,800. Ó gé 9,720, nítorí náà ìyára rẹ̀ jẹ́ 0.90. Ìdádúró kéékèèké tí ipò ẹ̀rọ kò gbé jáde àti dídín tí ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀rọ dín eré rẹ̀ kù ló jẹ ìyókù. Bí ìyára bá kọjá 1, kò sí ìdí fún ayọ̀: bóyá ìṣẹ́jú àáyá méjì tí a kọ sílẹ̀ pọ̀ ju bí ẹ̀rọ ṣe lè yára lọ, tàbí sẹ́ńsọ̀ ń ka ẹyọ kan lẹ́ẹ̀mejì.

Ní ti dídára, ẹnu irin kò mọ ọ̀rá tó ń jò. Ó ń ka òfìfo, ó ń ka èyí tí omi rẹ̀ kò kún, ó sì ń ka gbogbo èyí tó jáde nígbà tí ooru kò tíì tó lẹ́yìn tí iná dé. Ọwọ́ àwọn tó ń kó o sínú àpò ni òótọ́ wà. Àpò kan gba ogún. Wọ́n kó 461 àpò, ó sì ku 14, ìyẹn 9,234. Bí a bá pín in fún 9,720, ó jẹ́ 0.95; 486 ló bàjẹ́. Kí a wá ka èyí tó jò nìkan, kí a sì yọ ọ́ kúrò, kò dára tó bíi kíka àpò, nítorí èyí tí wọ́n ti jù nù kì í dúró de ẹni tó ń kà.

Nísinsìnyí, 0.80 × 0.90 × 0.95 jẹ́ 0.684, ìyẹn ìdá 68.4 nínú 100. A lè dé ibẹ̀ lọ́nà tó kúrú: kí a fi ìṣẹ́jú àáyá méjì sọ iye ọjà tó dára di púpọ̀, kí a sì pín in fún 450 ìṣẹ́jú wa, ìyẹn 27,000 ìṣẹ́jú àáyá.

```
9234 * 2 / 27000 = 0.684
```

Ọ̀nà yìí kò béèrè ipò kankan lọ́wọ́ PLC, kò sì béèrè òǹkà ẹnu irin. Kò lè sọ ibi tí ìpàdánù ti wá, ṣùgbọ́n ó lè jẹ́rìí. Bí ìṣẹ́jú 40 ti àìsí iná bá sọnù nínú àkọsílẹ̀, ìsọdipúpọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò mú 0.751 wá, nígbà tí ọ̀nà kúkúrú ṣì dúró sórí 0.684, a ó sì mọ̀ pé àkókò ni kí a lọ wá.