Ohun Tí Bùbá àti Ṣòkòtò Kan Ń Ná Aránṣọ

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ìdí maṣíìnì ni owó aránṣọ wà. Lójú tèmi, orí tábìlì ni owó náà ti ń wọlé tàbí ti ń sọnù, kí àlùmọ́gàjí tó kan aṣọ rárá. Aránṣọ kan wà ní Ìkàrẹ́, lójú ọ̀nà tó gba Àkùngbá lọ sí Ọ̀kà, tí mo fẹ́ràn láti máa wò bí ó bá ń fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sára aṣọ. Kì í kánjú. Á na aṣọ sílẹ̀, á fi téèpù wọn ìbú rẹ̀ láti etí kan dé èkejì, ìgbà yẹn ni yóò tó dá oníbàárà lóhùn lórí iye yáàdì tí yóò rà.

Ìbú yìí ni gbogbo ìṣirò rọ̀ mọ́. Yáàdì kan jẹ́ íǹṣì 36 lóòró, ṣùgbọ́n ìbú aṣọ kò dọ́gba. Áńkárá sábà máa ń fẹ̀ tó íǹṣì 45, nígbà tí àwọn aṣọ ọkùnrin kan máa ń fẹ̀ tó 58 tàbí 60. Ẹni tó bá sọ pé “yáàdì 4 ló gbà” láì sọ ìbú aṣọ kò tíì sọ nǹkan kan.

Ẹ jẹ́ ká fi áńkárá ṣe é, fún ọkùnrin tí kò sanra, tí kò sì tín-ínrín. Bí aránṣọ yìí ṣe ń gé e nìyí, pẹ̀lú àyè ìránpọ̀ àti ìṣẹ́po nínú rẹ̀: iwájú àti ẹ̀yìn bùbá, ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní íǹṣì 28, ó sì gùn ní 34. Apá kọ̀ọ̀kan jẹ́ 22 níbùú àti lóòró, nítorí èjìká bùbá ti wálẹ̀ sára apá kí ìránpọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹsẹ̀ ṣòkòtò kọ̀ọ̀kan ní iwájú tó fẹ̀ ní 13 àti ẹ̀yìn tó fẹ̀ ní 16, tí gbogbo wọn sì gùn ní 44. Ohun tó wù mí jù nínú bùbá nìyí: ègé rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ onígun mẹ́rin pátá, wọ́n sì lè fara ti ara wọn láì fi àyè sílẹ̀. Ṣẹ́ẹ̀tì tí abẹ́ apá rẹ̀ rí róbótó kò lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Fún aṣọ ẹni kan, ó kọ́kọ́ to iwájú ṣòkòtò méjèèjì àti ẹ̀yìn kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn: 13, 13 àti 16, ó di 42 níbùú. Èyí jẹ íǹṣì 44 lóòró. Ẹ̀yìn ṣòkòtò tó kù, ó tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ iwájú bùbá: 16 àti 28, ó di 44 níbùú, íǹṣì 44 mìíràn tún lọ lóòró. Ẹ̀yìn bùbá gba 34, apá méjèèjì sì gba 22. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 144, ìyẹn yáàdì 4 géérégé.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo yáàdì 4 ni oníbàárà yóò wọ̀. Ìdá kan nínú mẹ́fà, tàbí ká sọ pé ìdá méjì nínú mẹ́ta yáàdì, ló wà láàárín àwọn ègé àti lábẹ́ wọn. Àpò àti ìtẹ́lẹ̀ ọrùn á jáde lára rẹ̀, ìyókù di àgékù. Ká fi yáàdì kan sí ₦2,000 kí ìṣirò lè rọrùn: àyè yẹn nìkan jẹ́ nǹkan bí ₦1,300, iye kan náà ni wọ́n sì fi ra yáàdì rẹ̀ àti ti èyí tó máa hàn níta.

Ìgbà tí àwọn ọmọ ìyá méjì tí ìwọ̀n wọn jọra bá fẹ́ rán aṣọ kan náà fún òde ni ọgbọ́n rẹ̀ ń hàn. Èyí tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n nínú wọn bi í léèrè níṣojú mi pé, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé yáàdì 8 ni ká rà?”

“Rárá o, àbúrò. Ẹ ra 7 ààbọ̀. Àmọ́ ẹ má jẹ́ kí ìyá aláṣọ gé e sí méjì, kí ó wà lódidi.”

Ègé bùbá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, iwájú méjì àti ẹ̀yìn méjì, ló tò tẹ̀ léra ní apá kan aṣọ, wọ́n gba 136 lóòró. Íǹṣì 17 tó ṣẹ́ kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ló fi ẹ̀yìn ṣòkòtò mẹ́ta sí, tí wọ́n gba 132. Ẹ̀yìn kẹrin àti iwájú méjì jọ gba 44, iwájú méjì tó kù gba 44 mìíràn, apá mẹ́rin ní méjì méjì sì gba 44. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 268, yáàdì 7 ààbọ̀ sì jẹ́ 270. Wọ́n jèrè ààbọ̀ yáàdì, ìyẹn ₦500 lórí aṣọ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bí aṣọ náà bá jẹ́ ₦10,000 ní yáàdì, ṣọ́ọ̀kì kan náà yóò fi ₦5,000 sílẹ̀ fún àwọn méjèèjì. Bí wọ́n bá ti gé e sí méjì lọ́jà, ègé bùbá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò lè tẹ̀ léra mọ́; bí ó bá sì to ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ó ṣe to aṣọ ẹni kan, èrè náà ti lọ.

Òwú ni ènìyàn máa ń ronú kàn, òun ló sì kéré jù. Rán yáàdì kan lórí maṣíìnì, tú u, kí o wọn òwú òkè àti ti bọ́bìnì: wàá rí i pé ó tó yáàdì méjì ààbọ̀. Bùbá àti ṣòkòtò yìí ní nǹkan bíi yáàdì 18 ìránpọ̀, nítorí náà òwú rẹ̀ kò ju yáàdì 45 lọ. Rílì tó ní yáàdì 1,000 yóò rán aṣọ tó lé ní 20. Ibi tí òwú ti ń tán ni wíìfù, níbi tí òwú mẹ́ta ti ń di etí aṣọ kí ó má tú: yáàdì kan ìránpọ̀ níbẹ̀ lè gba òwú tó tó yáàdì 14. Nítorí náà ni wọ́n fi ń gbowó rẹ̀ lọ́tọ̀. Ká fi ₦700 sí òwú, wíìfù, rọ́bà, bọ́tìnì àti stéè ọrùn.

Iṣẹ́ ọwọ́ ló kù, òun sì ni ọ̀pọ̀ aránṣọ máa ń fojú wọ̀n. Aránṣọ yìí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ó bá wà ní ṣọ́ọ̀bù fún wákàtí 8, wákàtí 6 ló ń kà sí iṣẹ́, torí àwọn oníbàárà máa wọlé, iná náà á sì lọ. Bí ó bá jẹ́ pé ₦9,000 ni òun, owó ilé àti epo jẹ̀nẹ́rétọ̀ gbọ́dọ̀ rí lójúmọ́, wákàtí kan jẹ́ ₦1,500. Aṣọ kan gba wákàtí 5, láti ìgbà sísàmì títí dé lílọ̀, ìyẹn ₦7,500. Bí ó bá dá rán aṣọ ẹni kan, ₦8,000 aṣọ, ₦700 àti ₦7,500 jẹ́ ₦16,200. Bí ó bá pa méjì pọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan di ₦15,700. Èrè kò tíì gorí rẹ̀.

Ìṣirò yìí lẹ́gẹ́ níbi méjì. Bí etí aṣọ bá gbẹ́ ìbú rẹ̀ wálẹ̀ sí 43, ẹ̀yìn ṣòkòtò kò lè dúró ti bùbá mọ́, apá méjì pàápàá kò gba ẹ̀gbẹ́ ara wọn, yáàdì 7 ààbọ̀ kò sì ní tó. Èkejì ni aṣọ òwú tó ń sún kì. Aránṣọ náà máa ń sàmì íǹṣì 10 níbùú àti lóòró sára ègé aṣọ kan, á fọ̀ ọ́, á lọ̀ ọ́, á tún un wọ̀n. Bí ó bá ti dín díẹ̀, á ní kí wọ́n fi ìdá kan nínú mẹ́rin yáàdì kún un, kí wọ́n sì rẹ gbogbo rẹ̀ sómi kí òun tó gé e, torí apá tí òun ń gé kẹ́yìn ni aṣọ kò ní tó fún.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ iwájú ṣòkòtò méjì tó kẹ́yìn nínú aṣọ ẹni méjì yẹn, ègé 19 sí 44 máa ń ṣẹ́ kù. Àpò àti ìtẹ́lẹ̀ ọrùn kì í gbà á tán. Ó máa ń gé fìlà kan lára rẹ̀, owó iṣẹ́ rẹ̀ nìkan ló sì ń gbà, nítorí àwọn ọmọ ìyá náà ti san owó aṣọ rẹ̀.