Títo Àkọsílẹ̀ Inú Fọ́tò

Ọgbọ́n gidi ló wà lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ Bẹẹrẹ tàbí Màpó tó gba fọ́tò ìwé bàọ́lọ́jì ọ̀rẹ́ rẹ̀ lórí Wásáàpù, tó sì tò ó sí orí àti ìsọ̀rí. Orúkọ fáìlì kì í sábà ràn án lọ́wọ́: `IMG-20240312-WA0007.jpg` ń sọ ọjọ́ tí fọ́tò dé sórí fóònù, kì í ṣe ọjọ́ tí olùkọ́ kọ́ni. Ojú ìwé gan-an ló ń wò. Bí gbólóhùn bá já sí "oúnjẹ a máa pò mọ́" nísàlẹ̀ fọ́tò kan, tí "itọ́ lẹ́nu" sì bẹ̀rẹ̀ òmíràn, wọ́n tẹ̀ léra nìyẹn. Lábẹ́ orí "Dídà Oúnjẹ", ẹnu, àpòlúkù àti ìfun á wá di ìsọ̀rí, orúkọ kan náà ni kálukú yóò sì máa jẹ́ láti òkè délẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí kò bá hàn, àmì ìbéèrè ló ń fi sí i. Kì í méfò.

Àwọn kan á ní títò yìí ń ba ètò olùkọ́ jẹ́. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, torí olùkọ́ lè mọ̀ọ́mọ̀ padà sórí ẹnu lẹ́yìn ìfun. Ìdí nìyẹn tí nọ́ńbà fọ́tò fi ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kókó kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tó bá ń ṣiyèméjì lè padà lọ wo bí olùkọ́ ṣe tò ó.