Géètì Méjì Tó Mọ Ìgbà Tí Omi Ń Gòkè

Ní Snake Island, ní òdìkejì èbúté Tin Can, omi yí wa ká ṣùgbọ́n kò ṣeé mu. Omi tí páǹpù bá fà láti abẹ́ ilẹ̀ là ń lò. Nínú gbogbo iṣẹ́ iná tí mo ń ṣe níbẹ̀, èyí tí mo fẹ́ràn jù ni bọ́ọ̀dù kékeré tó ń tan páǹpù nígbà tí táǹkì bá ń gbẹ, tó sì ń pa á nígbà tó bá kún.

Swíìṣì méjì ló wà nínú táǹkì. Tìsàlẹ̀ ń mú iná wá nígbà tí omi bá fà kọjá rẹ̀. Tòkè ń mú un wá nígbà tí omi bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Tí omi bá wà láàárín, àwọn méjèèjì dákẹ́. Omi àárín yẹn sì lè máa gòkè, ó sì lè máa relẹ̀. Báwo ni páǹpù ṣe fẹ́ mọ̀? Àfi kí nǹkan kan rántí swíìṣì tó sọ̀rọ̀ kẹ́yìn.

Géètì méjì nínú áìsí CD4001 ló ń rántí rẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ẹnu méjì, kì í sì í mú iná jáde àyàfi tí ẹnu méjèèjì bá ṣófo. Mo so àbájáde ìkíní mọ́ ẹnu kan ìkejì, mo so ti ìkejì mọ́ ẹnu kan ìkíní. Swíìṣì òkè gba ẹnu tó kù lára ìkíní, tìsàlẹ̀ gba ti ìkejì. Ìkíní ló ń darí páǹpù, nípasẹ̀ tiransísítọ̀ àti rílè, nítorí agbára géètì fúnra rẹ̀ kò tó.

Omi lọ sílẹ̀: fóòtì 12 wọ ẹnu ìkejì, àbájáde rẹ̀ sì di òdo. Ẹnu méjèèjì ìkíní ti wá ṣófo, ó mú 12 jáde, páǹpù ṣí. Bí omi ṣe ń gòkè, swíìṣì ìsàlẹ̀ dákẹ́, ṣùgbọ́n 12 tó ń ti ọ̀dọ̀ ìkíní bọ̀ ṣì wà lẹ́nu ìkejì. Ìkejì dúró ní òdo, ìkíní dúró ní 12, títí tí swíìṣì òkè yóò fi sọ̀rọ̀.

“Ọ̀gá, inú èwo ló tọ́jú rẹ̀ sí?” Ọmọṣẹ́ mi ló bi mí. Kò sí nínú èyíkéyìí. Ìdí tí ọ̀kan fi dúró ni èkejì. Ní 1918, Eccles àti Jordan ti fi túùbù méjì so irú okùn yìí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì ń yà mí lẹ́nu títí dòní.

Tí iná bá lọ, ìrántí náà lọ. Tó bá dé, géètì tó bá kọ́kọ́ yára ló ń borí, ẹnikẹ́ni ò lè sọ èyí tí yóò jẹ́. Nítorí náà ni mo ṣe ń fi kapásítọ̀ kan sí ẹnu swíìṣì òkè, kó lè fi ìṣẹ́jú àáyá kan pa páǹpù ná. Tí táǹkì bá gbẹ lóòótọ́, swíìṣì ìsàlẹ̀ yóò tún tàn án.

Mítà ló ń tú àṣírí àìsàn yòókù. Tí mo bá wọn àbájáde méjèèjì, ó yẹ kí ọ̀kan jẹ́ 12, kí èkejì jẹ́ òdo. Tí àwọn méjèèjì bá jẹ́ òdo, swíìṣì méjèèjì ló ń mú iná wá pọ̀. Táǹkì kì í gbẹ kó tún kún lẹ́ẹ̀kan náà. Mo gbé àkàsọ̀, mo lọ wo swíìṣì tó há.