Ohùn Ọlọ́jà àti Ohùn Olùṣàlàyé nínú Sinimá Kan lórí Àwọn Elélùbọ́

Nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan mú sinimá tí wọ́n ṣe lórí àwọn elélùbọ́ ọjà Bódìjà ní Ìbàdàn tọ̀ mí wá pé kí n bá wọn yẹ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ wò, mo kọ́kọ́ di ojú mi, mo sì gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìwo àwòrán kan. Ìṣẹ́jú 12 ni gbogbo rẹ̀. Kì í ṣe eré àtọwọ́dá. Irú sinimá tí a fi ń ṣe àkọsílẹ̀ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ ní tòótọ́ ni. Ohùn oríṣi méjì ni ó wà nínú rẹ̀. Èkíní ni ti àwọn ọlọ́jà, tí a gé ní ègé-ègé láti inú ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Èkejì ni ti ẹnì kan tí a kò rí, tí ó ń sọ ìtumọ̀ ohun tí ojú ń wò. Ẹni yìí ni n ó máa pè ní olùṣàlàyé. Mo fi aago wọ̀n wọ́n: olùṣàlàyé sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú 7, àwọn ọlọ́jà fún ìṣẹ́jú 3, ariwo ọjà ni ó sì gba ìyókù. Ṣùgbọ́n iye ìṣẹ́jú nìkan kọ́ ni ó kọ mí lóminú, bí kò ṣe ohun tí a fi ìṣẹ́jú 7 wọ̀nyí ṣe.

Ẹ jẹ́ kí a wo ibi kan ní ìbẹ̀rẹ̀. Olùṣàlàyé ní: “Òwò èlùbọ́ kì í ṣe òwò ọ̀lẹ, nítorí pé oníṣòwò gbọ́dọ̀ jí ní òwúrọ̀ kùtùkùtù kí ó lè pàdé ọkọ̀ tí ó ń bọ̀ láti Ṣakí.” Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni ìyá kan bọ́ sí ojú ìran, tí ó sì wí pé: “Aago mẹ́rin ni mo ń jí. Bí ọkọ̀ Ṣakí bá ti já mi kulẹ̀, ọjọ́ ti bàjẹ́ nìyẹn.” Ohun kan náà ni àwọn méjèèjì sọ, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ni ọ̀rọ̀ ni a mú ṣe agbèfọ́ ẹni tí kò ni ín. Ó dà bí ẹni tí ó pa àlọ́ tí ó sì já a kí àwọn ọmọdé tó la ẹnu. Bí a bá yọ gbólóhùn olùṣàlàyé kúrò níbẹ̀, kò sí ohun kan tí òǹwòran yóò pàdánù. Bí a bá yọ ti ìyá náà, aago mẹ́rin lọ, ọjọ́ tí ó bàjẹ́ náà sì lọ pẹ̀lú rẹ̀. Báyìí ni mo ṣe ń dán irú ìwé bẹ́ẹ̀ wò: mo ń fi ọwọ́ bo gbólóhùn olùṣàlàyé kọ̀ọ̀kan, mo sì ń bi ara mi léèrè bóyá ègé ọ̀rọ̀ tí ó tẹ̀ lé e yóò dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Nínú ìwé yìí, ó ju ìdajì lọ tí ó dúró.

Ó tún hàn pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kọ́kọ́ kọ àlàyé náà. Níbì kan, olùṣàlàyé ń sọ̀rọ̀ nípa “àwọn olùpín ọjà ní ìpele kejì.” Mo dá a dúró, mo ronú, kí n tó mọ̀ pé àwọn alárobọ̀ ni ó ń wí. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí obìnrin kan nínú sinimá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé, “Àwọn alárobọ̀ ni wọ́n ń fi àwìn pa wá.” Etí òǹwòran yóò rò pé ẹgbẹ́ ènìyàn méjì ni. Ọjà ti ní orúkọ fún gbogbo nǹkan rẹ̀, kóńgò, èènì, àwìn, àjọ. Iṣẹ́ olùṣàlàyé ni láti gba orúkọ wọ̀nyí lẹ́nu àwọn tí ó ni wọ́n.

Àwọn wọ̀nyí kì í ṣe àṣìṣe ńlá. Èyí tí ó tẹ̀ lé e ni mo kà sí ẹ̀ṣẹ̀, mo sì fẹ́ kí a dúró tì í díẹ̀.

Ní àárín sinimá náà, ìyá àgbà kan jókòó láàárín àwọn àpò rẹ̀, ó ní: “A máa ń kó o pamọ́. Tí òjò bá ti wá dé, owó rẹ̀ á gòkè, nígbà náà ni a ó gbé e jáde.” Olùṣàlàyé sì gbà á lẹ́nu rẹ̀ pé: “Báyìí ni àwọn elélùbọ́ ṣe ń fi ọgbọ́n kó èrè jọ lórí aráàlú.” Ìdí tí mo fi fura kò ju pé etí mi gbọ́ èémí kan lọ. Lẹ́yìn “jáde,” ohùn ìyá náà kò wálẹ̀ bí ohùn ẹni tí ó ti sọ̀rọ̀ tán. Ó fa èémí bí ẹni tí ó fẹ́ tẹ̀ síwájú, a sì gé èémí náà sí méjì. Mo ní kí wọ́n fún mi ní gbogbo ohun tí wọ́n gbà sílẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ohun tí ó wà níbẹ̀ nìyí:

“A máa ń kó o pamọ́, nítorí pé ẹ̀ẹ̀rùn nìkan ni gbodo ń gbẹ dáadáa. Èyí tí a bá sá nígbà òjò, ńṣe ni ó ń bu. Tí òjò bá ti wá dé, owó rẹ̀ á gòkè, nígbà náà ni a ó gbé e jáde. Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé gbogbo rẹ̀ ni a ń bá níbẹ̀ o, ọmọ mi. Kòkòrò á ti jẹ nínú rẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, nínú àpò mẹ́wàá, méjì ni mo dà nù.”

Ẹ kò rí i bí? Kò sí ẹni tí ó parọ́. Ẹnu rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ tí a gbọ́ ti jáde. Ṣùgbọ́n a ti mú ẹ̀ẹ̀rùn kúrò, a mú kòkòrò kúrò, a mú àpò méjì tí ó dànù kúrò, a sì fi gbólóhùn olùṣàlàyé dí àlàfo náà. Ẹni tí ó ń tọ́jú ohun jíjẹ de ìgbà tí a kò lè ṣe é mọ́ di ẹni tí ń há ọjà mọ́ àwọn ènìyàn lọ́wọ́. Àwọn tí ń bá ìyá yìí rajà yóò wo sinimá náà. Wọn yóò sì máa wò ó lójú tí wọ́n bá tún padà dé ìsọ̀ rẹ̀. Nígbà tí mo bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà, wọ́n ní àwọn fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà kúrú ni, kì í ṣe pé àwọn fẹ́ bà á lórúkọ jẹ́. Mo gbà wọ́n gbọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ó sì máa ń rí: a ti kọ àlàyé tán kí a tó gbọ́ ohùn tí a gbà sílẹ̀ délẹ̀, a wá ń gé ọ̀rọ̀ ọlọ́jà kí ó lè bá àlàyé mu.

A tún ibẹ̀ ṣe. A dá ọ̀rọ̀ ìyá náà padà lódindi. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọmọ ìgboro kò mọ gbodo, ìyá náà kò sì ní ronú láti ṣàlàyé ohun tí ó ti ń ṣe láti kékeré. Níbí ni olùṣàlàyé ti wúlò. A fi gbólóhùn méjì péré ṣáájú rẹ̀: “Isu tí a bẹ, tí a fi omi gbígbóná rẹ mọ́jú, tí a sì sá títí ó fi le, òun ni gbodo. Nígbà tí a bá lọ̀ ọ́ ni ó ń di èlùbọ́.” Lẹ́yìn tí ìyá náà ti dákẹ́, olùṣàlàyé kò fọhùn, a fi ariwo ọjà sílẹ̀ díẹ̀, kí àpò méjì náà lè wọ etí. Kò yẹ kí olùṣàlàyé wá gbèjà àwọn ọlọ́jà pẹ̀lú. Oníbàárà kan wà nínú ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ tí ó ráhùn pé owó èlùbọ́ ti pọ̀ jù fún ẹni tí ó ní ọmọ mẹ́rin. Òun ni a mú wá tẹ̀ lé e. Ẹni méjì sọ tẹnu wọn, òǹwòran ni adájọ́.

Iṣẹ́ kan tún wà tí èdè Yorùbá gan-an gbé lé olùṣàlàyé lọ́wọ́. Ọmọbìnrin kan tí ń kọ́ òwò lọ́dọ̀ ìyá yìí bẹ̀rẹ̀ ègé ọ̀rọ̀ rẹ̀ báyìí: “Wọ́n ní kí n má tíì tà á.” Ta ni “wọ́n”? Ó lè jẹ́ ọ̀gá rẹ̀, tí ó ń bọ̀wọ̀ fún; ó lè jẹ́ àwọn olórí ẹgbẹ́ elélùbọ́, tí wọ́n pọ̀. Bí ó bá jẹ́ ẹgbẹ́, ọ̀ràn iye tí gbogbo ọjà fi ohùn ṣọ̀kan lé ni. Bí ó bá jẹ́ ọ̀gá, ọ̀ràn inú ìsọ̀ kan ni. Ìbéèrè tí ó fa ìdáhùn náà ti di gígé, ìtumọ̀ sì bá a lọ. Ó tó kí olùṣàlàyé sọ pé, “Àpò tí ó wà lẹ́yìn yìí, ọ̀gá rẹ̀ kò ì tíì dá iye lé e,” kí ọmọbìnrin náà sì máa bá tirẹ̀ lọ. Nínú ìwé àkọ́kọ́, olùṣàlàyé fúnra rẹ̀ ń pe ìyá àgbà náà ní “ó,” nígbà tí ọmọ ìsọ̀ rẹ̀ ń pè é ní “wọ́n.” Èmi náà ń kọ “ó” níbí nítorí pé ìwé ni mo ń kọ. Ṣùgbọ́n ohùn tí ó ń jáde nínú sinimá dà bí ohùn ẹni tí ó dúró ní ìsọ̀. Bí ẹni náà bá jẹ́ ọ̀dọ́, “ó” náà yóò ta létí. A yí i padà sí “ìyá” àti “wọ́n.”

Ìbéèrè ta ni kí ó sọ̀rọ̀ lórí àwòrán kì í ṣe tuntun. Ní 1935, nínú “Housing Problems,” Arthur Elton àti Edgar Anstey jẹ́ kí àwọn tí ń gbé inú ilé ẹgẹrẹmìtì ní Lọ́ńdọ̀nù sọ ìyà wọn fúnra wọn níwájú ẹ̀rọ. Síbẹ̀ àwọn onímọ̀ ni ó sọ ohun tí a ó ṣe sí i. Nínú “Moi, un noir,” tí Jean Rouch gbé jáde ní 1958, àwọn ọ̀dọ́ ará Niger tí ń wá iṣẹ́ ṣe ní Treichville ní Abidjan, tí ọ̀kan nínú wọn ń kiri aṣọ tà, wo àwòrán ara wọn, wọ́n sì fi ẹnu ara wọn sọ̀rọ̀ lé e lórí. A dán èyí wò níbi tí àwòrán wà láìsí ọ̀rọ̀: ìyá náà ń wọn èlùbọ́, ó ti kún kóńgò títí ó fi ṣe góńgó, ó sì tún bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e. Olùṣàlàyé ti kọ ìlà mẹ́rin nípa èènì. Nígbà tí wọ́n fi àwòrán han ìyá náà, ó rẹ́rìn-ín, ó ní: “Ẹ ò rí i? Èyí tí mo fi lé e yẹn ni yóò mú un padà wá.” A fi èyí rọ́pò ìlà mẹ́rin náà.

Sinimá náà ṣì jẹ́ ìṣẹ́jú 12. Ìṣẹ́jú 3 ni ti olùṣàlàyé báyìí, 7 ni ti àwọn ọlọ́jà. Èyí kò wá nípa pé a pín in bí ẹni pín ogún; ohun tí ó ṣẹ́kù lẹ́yìn tí a ti fi ọwọ́ bo gbólóhùn kọ̀ọ̀kan ni. Ohun tí a kò tíì fi ẹnu kò lé lórí ni gbólóhùn ìkẹyìn, níbi tí olùṣàlàyé ti ń sọ pé ọjà ti tú, gbogbo wọn sì ń lọ sílé. Èmi wo àwòrán náà, mo rí i pé ilẹ̀ ti ṣú, wọ́n sì ń fi tapólì bo àpò. Mo ní kí wọ́n yọ gbólóhùn náà. Wọ́n ní òǹwòran lè má mọ̀ pé ó ti parí.