“A Kò Tíì Rí I Nínú Àkáǹtì Wa”

Ní Ṣómólú, l’Ékòó, níbi tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ti ń dún láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, àwìn wà nínú ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tó ń jáde. Oníbàárà á san àsansílẹ̀ tí wọn yóò fi ra bébà àti yíǹkì, á kó ọjà rẹ̀ lọ, ìyókù á di ọjọ́ iwájú. Ọ̀gá tó ni ẹ̀rọ lè gbọ́ ìró Kọ́ọ̀dì rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà kó sì mọ̀ pé rọ́là kan ti ń ṣiṣẹ́ gbòdì. Ṣùgbọ́n bó bá di kó kọ̀wé sí oníbàárà pé owó ti tó san, ọ̀rọ̀ á há a lọ́fun. Obìnrin tó ń bá ọ̀kan nínú irú àwọn ọ̀gá bẹ́ẹ̀ ṣe ìwé owó ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Àǹtí akọ̀wé ni gbogbo ṣọ́ọ̀bù ń pè é. Iṣẹ́ tó mọ̀ jù, lójú tèmi, ni ìránnilétí àkọ́kọ́, ìyẹn àtẹ̀jíṣẹ́ kúkúrú tí wọ́n máa ń fi ránṣẹ́ nígbà tí ọjọ́ owó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá, tí ẹnikẹ́ni kò tíì bínú.

Ẹ jẹ́ ká mú iṣẹ́ kan. Ìyá kan tó ní ilé ẹ̀kọ́ aládàáni ní kí wọ́n tẹ ìwé èsì ìdánwò 400 fún òun, ẹyọ kan ní ₦850. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦340,000. Màmá san ₦200,000 sílẹ̀, ó ku ₦140,000. Ínfọ́ìsì jáde ní Ọjọ́rú, 15 Oṣù Kẹwàá 2025, ọjà délé ẹ̀kọ́ ní Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n sì fohùn sí i pé láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ ni ìyókù yóò wọlé. Nígbà tí ọjọ́ pé tí owó kò dé, ọ̀gá fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́. Ohun tó kọ rèé:

“Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. A gbàdúrà pé ẹ̀mí yín yóò gùn, ilé ẹ̀kọ́ yín yóò máa tẹ̀ síwájú. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má bínú pé mo ń yọ yín lẹ́nu. Nítorí ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ yẹn ni. Ìgbàkígbà tó bá rọ̀ yín lọ́rùn, ẹ rántí wa.”

Kò sí ọmọlúàbí tí yóò bẹnu àtẹ́ lu ọ̀rọ̀ yìí. Àmọ́ ẹ wò ó dáadáa, kò sí owó nínú rẹ̀, kò sì sí ọjọ́. Màmá lè kà á tán kó dáhùn pé “Àmín, ẹ ṣeun,” kó sì gbé fóònù sílẹ̀. Kò ní ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni. Gbólóhùn tó ṣèèṣì já owó náà sílẹ̀ ni “ìgbàkígbà tó bá rọ̀ yín lọ́rùn,” nítorí ẹni tó bá kọ ọ́ ti fi ẹnu ara rẹ̀ pa ọjọ́ tí wọ́n jọ dá rẹ́.

Àǹtí akọ̀wé gba fóònù náà, kò sì kọ nǹkan kan fún ìgbà díẹ̀. Ìwé àkáǹtì ló kọ́kọ́ ṣí. Ó wá ₦140,000 láti ìgbà tí ọjà ti kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, kò rí i. Ó wá a lábẹ́ orúkọ ilé ẹ̀kọ́, ó wá a lábẹ́ orúkọ màmá, ó tún wá a lábẹ́ orúkọ bọ́sà, nítorí àkáǹtì ẹlòmíràn ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń san owó. Ó wo owó kéékèèké pẹ̀lú, bóyá wọ́n pín in sí méjì. Ìgbà tí kò rí ìkankan ló tó ní òun ṣetán. Ẹni tó bá rán ìránnilétí sí oníbàárà tó ti san ti fi ara rẹ̀ ṣẹ̀sín, oníbàárà yẹn kò sì ní gbàgbé.

Ó tún ní ọjọ́ tó ń rán an. Jímọ̀ ni owó pé, kò rán nǹkan kan ní Sátidé tàbí Àìkú. Ó fi Mọ́ńdè sílẹ̀ fún màmá, torí pé Mọ́ńdè nílé ẹ̀kọ́, ariwo ni. Àárọ̀ Ìṣẹ́gun ló kọ èyí, tó sì fi ránṣẹ́ sí fóònù màmá fúnra rẹ̀, kì í ṣe sí bọ́sà, kì í ṣe nípasẹ̀ dírẹ́bà:

“Ẹ káàárọ̀ mà, ẹ kú àmójútó àwọn ọmọ. Nípa ínfọ́ìsì 0217, ìwé èsì ìdánwò 400: ₦140,000 ló kù nínú ₦340,000, ó sì tó san ní Jímọ̀ 14 Oṣù Kọkànlá 2025. A kò tíì rí i nínú àkáǹtì wa títí di àárọ̀ yìí. Bó bá ti kúrò lọ́dọ̀ yín, ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ fi rìsíìtì rẹ̀ ránṣẹ́ ká lè wá a rí. Bí kò bá tíì kúrò, ẹ jẹ́ ká mọ ọjọ́ tí a ó máa retí rẹ̀. Nọ́ńbà àkáǹtì tó wà lára ínfọ́ìsì náà ni, kò yí padà. Mo tún fi ínfọ́ìsì náà mọ́ ọn. Ẹ ṣeun mà.”

Ìkíni wà níbẹ̀, ó sì bá ẹni tí wọ́n ń kí mu. “Ẹ kú àmójútó àwọn ọmọ” kì í ṣe ìkíni tí wọ́n ń rán sí gbogbo ayé, iṣẹ́ màmá ló ń kí i fún. Ṣùgbọ́n ó mọ ní gbólóhùn kan. Bí àtẹ̀jíṣẹ́ bá wọ fóònù, ìlà díẹ̀ àkọ́kọ́ nìkan ni ojú máa ń rí kí wọ́n tó ṣí i. Bí àdúrà bá gba gbogbo ìlà yẹn, owó ti sá pamọ́ sísàlẹ̀.

Gbólóhùn tí mo fẹ́ràn jù ni “A kò tíì rí i nínú àkáǹtì wa.” Ó lè kọ “Ẹ kò tíì san owó wa,” ìtumọ̀ wọn sì sún mọ́ ara wọn. Ṣùgbọ́n “ẹ kò tíì san” ń na ìka sí àgbàlagbà, ó tún ń sọ ohun tí Àǹtí kò lè mọ̀. Ohun tó mọ̀ kò ju ohun tó wà nínú àkáǹtì lọ. Tíráńsífà lè há, bọ́sà lè ti fi ránṣẹ́ sí ibòmíràn. Nítorí náà, gbólóhùn tó ní ọ̀wọ̀ jù yẹn náà ló jẹ́ òótọ́ jù. Kò sì ba ìlekoko rẹ̀ jẹ́, nítorí pé owó àti ọjọ́ ti jókòó ṣáájú rẹ̀.

Ẹ tún wo ibi tó fi “bó bá ti kúrò lọ́dọ̀ yín” sí. Ilẹ̀kùn tí màmá lè gbà jáde láìsí ìtìjú ni, ẹ̀yìn iye owó àti ọjọ́ ló sì ṣí i. Àwọn mìíràn máa ń fi í ṣáájú: “Bí ẹ bá ti san, ẹ má ka èyí sí.” Oníbàárà á gbà wọ́n lóòótọ́, kò ní kà á sí. Ti Àǹtí kò sọ pé kí wọ́n má kà á sí, rìsíìtì ló béèrè. Ọ̀nà méjì ló wà níwájú màmá, ìdáhùn sì wà ní òpin méjèèjì.

Kò sọ “ẹ má bínú.” Mo bi í léèrè, ó ní: “Kí ni mo ṣe tí wọ́n fi máa bínú?” Mo gbà fún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnu Yorùbá kì í pẹ́ dé orí “ẹ má bínú.” Kò sì pe owó náà ní gbèsè. Ọ̀rọ̀ yẹn ní ìtàn tó wúwo lọ́dọ̀ wa. Láyé àtijọ́, ológò á wọ ilé ẹni tó jẹ gbèsè, á dógò tì í, á máa pariwo, á ní kí wọ́n fún òun lóúnjẹ títí owó yóò fi jáde. Samuel Johnson kọ nípa àṣà yìí nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tó jáde ní 1921. Ẹni tí owó rẹ̀ pẹ́ ní ọjọ́ díẹ̀ kò yẹ lẹ́ni tí wọ́n ń dógò tì.

Ní ti ọjọ́, ibẹ̀ ni mo ti rí i pé ọwọ́ rẹ̀ ti gbó nínú iṣẹ́ náà. Kò kọ “ọgbọ̀n ọjọ́ ti pé.” Tí Yorùbá bá ń ka ọjọ́, òní wà nínú ẹ̀: bí òní bá jẹ́ Ọjọ́rú, ọjọ́ mẹ́jọ òní, Ọjọ́rú náà ni. Ẹni tó bá ka ọgbọ̀n ọjọ́ lọ́nà yẹn láti 15 Oṣù Kẹwàá, Ọjọ́bọ̀ 13 Oṣù Kọkànlá ló máa bọ́ sí. Ẹni tó bá kà á bíi ti báńkì, Jímọ̀ 14 ni. Ẹni tó bá sì bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí ọjà délé, ó di Àìkú 16. Olóòótọ́ ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nítorí èyí, Àǹtí máa ń kọ ọjọ́ náà gan-an sí ìsàlẹ̀ ínfọ́ìsì kó tó jáde, orúkọ ọjọ́ àti déètì pọ̀, ìránnilétí kàn tún un sọ ni. Bákan náà ni kò kọ “owó tó kù” lásán. Ó kọ ₦140,000 nínú ₦340,000, kó má baà sí àríyànjiyàn lórí iye tí wọ́n ti san.

Gbólóhùn nípa nọ́ńbà àkáǹtì dà bí àfikún, àmọ́ ìdí wà fún un. Àwọn gbájúẹ̀ máa ń wọ inú ìmeèlì ilé iṣẹ́, wọn á kọ̀wé sí oníbàárà pé àkáǹtì ti yí padà. Nítorí náà Àǹtí kì í kọ nọ́ńbà tuntun sínú ìránnilétí láéláé. Ó máa ń darí èèyàn sí èyí tó ti wà lọ́wọ́ wọn.

Bó bá jẹ́ ilé iṣẹ́ ńlá ló ń kọ̀wé sí, èdè Òyìnbó ló máa fi kọ ọ́, yóò fi nọ́ńbà ìwé àṣẹ ìrajà wọn kún un, yóò sì rántí pé wọ́n lè ti yọ owó orí kan sílẹ̀ kí wọ́n tó san, tí iye tó wọlé kò fi ní bá iye ínfọ́ìsì mu. Egungun ọ̀rọ̀ náà kò yí padà.

Màmá dáhùn lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn: “Ẹ kú sùúrù. Láti ọjọ́ tí ọjà dé ni mo ń kà á, tó wá bọ́ sí Àìkú, mo sì gbàgbé. Mo ti rí i lára ínfọ́ìsì báyìí. Ọ̀la, bí Ọlọ́run bá fẹ́.” Owó wọlé ní Ọjọ́rú.

Ẹni tó gbàgbé, tàbí tó ṣì ọjọ́ kà, ni irú ìwé yìí wà fún. Ẹni tí kò ní owó lọ́wọ́, kò sí bí wọ́n ṣe lè kọ ọ́ tí yóò fi sọ ọ́ di olówó. Ìyẹn di ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń jókòó sọ, bóyá kó san án díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń tajà láwìn, ẹ bá mi kọ déètì gan-an sára ínfọ́ìsì kí ọjà tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù yín. Bí kò bá sí níbẹ̀, Àǹtí pàápàá kò ní rí ọjọ́ tí yóò rán ẹnikẹ́ni létí.