Ibi tí ẹlẹ́dẹ̀ ń sùn, ibi tí ó ń yàgbẹ́ sí

Àwọn èèyàn ní ọ̀bùn ni ẹlẹ́dẹ̀. Èmi tí mo ń kọ́lé fún un kò gbà. Bí àyè bá gbà á, ibi gbígbẹ ni yóò sùn, igun tó tutù tó sì lómi ni yóò máa yàgbẹ́ sí. Iṣẹ́ wa ni pé ká fi kọnkéré ti ìwà yẹn lẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ ká mú yàrá kan, bí irú èyí tí wọ́n ń lò ní Òkè-Àró, lẹ́bàá ààlà Èkó àti Ògùn: mítà 4 ní gígùn, mítà 3 ní ìbú. Mo máa ń da ilẹ̀ rẹ̀ sí ọ̀nà gọ́tà, kí ó fi sẹ̀ǹtímítà 4 wálẹ̀ ní mítà kọ̀ọ̀kan, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 16 láti òkè dé ìsàlẹ̀. Apá òkè ni ọpọ́n oúnjẹ ń wà. Ẹnu omi ń wà lápá ìsàlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà, torí ibi tí omi bá ń kán sí ni ẹlẹ́dẹ̀ ń sọ di ṣáláńgá. Kọnkéré náà kò gbọdọ̀ dán, kí ẹsẹ̀ má baà yọ̀. Ìgbálẹ̀ la fi ń wọ́ ojú rẹ̀ nígbà tó ṣì tutù. Bó bá gbẹ tán, ẹ da garawa omi kan sí òkè. Bí omi bá dúró níbì kan, ẹ má tíì sanwó bíríkìlà.

Ẹlẹ́dẹ̀ tó ti tó tà, tó wọn bíi kílò 100, kò gbọdọ̀ ní àyè tó dín ní mítà kan níbùú-lóròó. Nínú ooru tiwa, mo máa ń fún un ní 1.2, nítorí náà 10 ni yàrá yìí gbà. Olówó á ní ká kó 15 sí i. Ẹ kàn wo ibi tí wọ́n ń sùn: bí wọ́n bá ń sùn nínú ìgbẹ́, yálà àyè ti há, tàbí ooru ti pọ̀.

Ohun tó máa ń tan àwa olùkọ́lé jẹ ni atẹ́gùn. Èèyàn á dúró nínú ilé, afẹ́fẹ́ á máa fẹ́ sí i lójú, á ní ilé yìí dára. Ẹran tó dùbúlẹ̀ sílẹ̀ ńkọ́? Ògiri búlọ́ọ̀kù ti dí i mọ́. Fún ẹran ńlá, mo máa ń fi páìpù irin dípò ògiri lápá kan, kí atẹ́gùn lè kan ara rẹ̀. Ti ọmọ tuntun yàtọ̀. Òtútù ló ń pa á, ooru bíi 32 ló ń fẹ́.

Ibi tó gbóná ju tiwa lọ bíi Sókótó wá ńkọ́? Ìlú Mùsùlùmí ni, ẹlẹ́dẹ̀ kò wọ́pọ̀ níbẹ̀. Àmọ́ ooru oṣù kẹrin wọn máa ń ju 40 lọ, atẹ́gùn fúnra rẹ̀ gbóná, fífẹ́ nìkan kò sì lè ran ẹran lọ́wọ́, torí ẹlẹ́dẹ̀ kì í làágùn tó nǹkan. Bí ẹnì kan bá ní kí n kọ́ irú yàrá yìí níbẹ̀, 8 ni mo máa fi síbẹ̀ dípò 10. Màá da koríko tó nípọn lé páànù, kí òrùn má baà kọjá, màá sì kọjú ẹ̀gbẹ́ gígùn ilé sí àríwá àti gúúsù. Omi wíwọ́n ló kù. Òkè gọ́tà ni n ó fi páìpù rẹ̀ sí, kí ẹran lè lọ tutù níbẹ̀, kó sì padà wá sùn sórí ilẹ̀ gbígbẹ.